Mo ṣahun náírà méje, mo pàdánù 50,000

Ẹ̀rọ ìránṣọ tòkúnbọ̀ ni mò ń tà, nítòsí Mọ́kọ́lá níbí. Orí Fesibúùkù ni ọ̀pọ̀ oníbàárà mi ti ń rí mi. Oṣù Kejì ọdún 2023 ni ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, nígbà tí owó tuntun dàwátì, tí a ń tò sídìí ẹ̀rọ apọwó láti ìdájí. Tiransifá nìkan ló kù fún wa, òun náà ń há. Ẹlòmíràn á sanwó lónìí, ó di ọ̀túnla kí àláàtì tó wọlé. Ìdí nìyẹn tí inú mi fi dùn nígbà tí àláàtì ọkùnrin kan tó fẹ́ ra ẹ̀rọ wọlé kíákíá.

Ó ní télọ̀ lòun, Oǹdó lòun ń gbé. Mo pe ẹ̀rọ náà ní 145,000. Ó ní, "Kò burú, Àǹtí, ẹ fi nọ́ńbà àkáǹtì yín ránṣẹ́." Ó tán. Ẹ̀yin ará Ìbàdàn, ta ló ń ra nǹkan lọ́wọ́ wa tí kì í ná an? Kò béèrè bóyá mọ́tò rẹ̀ ń pariwo, kò béèrè bóyá tábìlì bá a lọ. Mo rò pé oníwà pẹ̀lẹ́ ni. Ọjà gan-an kò sí lọ́kàn rẹ̀, òun ni kò ṣe yẹ̀ ẹ́ wò.

Kò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ tí àláàtì fi dé. 195,000 ni mo rí níbẹ̀. Kí n tó sọ̀rọ̀, ó ti pè: "Àǹtí, ẹ má bínú, ọwọ́ mi ló ṣì tẹ̀ ẹ́. 50,000 ló lé. Dẹ́rẹ́bà tó máa gbé ẹ̀rọ náà ti wà ní Ìwó Róòdù, owó epo ló ń dúró dè. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí tó lé ránṣẹ́ sí i, kó lè máa bọ̀ lọ́dọ̀ yín." Ó fi nọ́ńbà àkáǹtì ránṣẹ́. Mo fi kóòdù báńkì mi san án lójú ẹsẹ̀. Owó ara rẹ̀ ni mo rò pé mò ń dá padà.

Nígbà tí àláàtì owó tó jáde dé, ọmọṣẹ́ mi ni fóònù wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní, "Mummy, ẹ ní owó wọlé, kí ló dé tó jẹ́ pé 11,000 àti díẹ̀ ló ṣẹ́ kù?" Mo kọ́kọ́ jágbe mọ́ ọn. Ìgbà tí mo gba fóònù wò, ara mi tutù. 61,300 ló wà nínú àkáǹtì mi láàárọ̀. Mo yọ 50,000, ó ku 11,000 àti díẹ̀. 195,000 kò wọlé rárá.

A wá ṣí àláàtì àkọ́kọ́ yẹn, a tún un kà. Orúkọ báńkì mi ló wà lórí rẹ̀, abẹ́ àwọn àláàtì tòótọ́ ló sì jókòó sí. Orúkọ tí a rí lókè àtẹ̀jíṣẹ́ kì í ṣe ẹ̀rí, torí pé ẹni tó bá mọ ọ̀nà rẹ̀ lè fi orúkọ tó bá wù ú ránṣẹ́, fóònù á sì tò ó pọ̀ mọ́ àwọn tó ń jẹ́ orúkọ yẹn. Èmi náà ni mo sì sọ orúkọ báńkì mi fún un. Ohun tí mi ò sọ fún un ni iye tó wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀. "Bal: 195,000.00" ló kọ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, nígbà tó yẹ kó jẹ́ 256,300. Ẹni tó ń fi ayédèrú àláàtì ránṣẹ́ kò lè mọ iye tó wà nínú àkáǹtì yín, nítorí náà ó máa méfò ni, tàbí kó fo ibẹ̀ pátápátá. Síbẹ̀, ẹ má fi ìṣirò yìí nìkan gbowó. Áàpù báńkì yín ni kí ẹ ṣí, tàbí kí ẹ fi kóòdù wo iye tó wà níbẹ̀. 6.98 náírà ni wọ́n ń gbà fún kóòdù nígbà náà. Mo máa ń ṣahun rẹ̀.

Mo sáré lọ sí báńkì lọ́jọ́ náà. Wọ́n gba ẹjọ́ mi sílẹ̀, ṣùgbọ́n owó ti kúrò nínú àkáǹtì tí mo fi ránṣẹ́ sí. Kò sí dẹ́rẹ́bà kankan tó wá. Ẹ̀rọ mi kò kúrò níbi tó wà, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà ni mo tà á.

Láti ìgbà yẹn, risíìtì tí wọ́n bá yà ní àwòrán ránṣẹ́ kì í dá mi lójú mọ́. Áàpù wà tó ń ṣe é, àwọ̀ báńkì, òǹtẹ̀, "Successful", gbogbo rẹ̀ á pé. Mo kàn máa ń wo Session ID rẹ̀. Bí owó bá kúrò ní báńkì kan bọ́ sí òmíràn, nọ́ńbà ọgbọ̀n ló máa ń jẹ́. Mẹ́fà àkọ́kọ́ jẹ́ ti báńkì tó fi owó ránṣẹ́, méjìlá tó tẹ̀ lé e jẹ́ ọdún, oṣù, ọjọ́, wákàtí, ìṣẹ́jú àti ìṣẹ́jú àáyá, ìyókù jẹ́ nọ́ńbà tí wọ́n fi yà á sọ́tọ̀. Ẹnì kan fi risíìtì ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kẹsàn-án ránṣẹ́ sí mi. Mo ka nọ́ńbà mẹ́fà sílẹ̀, mo bá 230811 níwájú. Ọjọ́ kọkànlá oṣù Kẹjọ nìyẹn. Risíìtì àtijọ́ ló tún kùn. Ẹ jẹ́ kó yé yín o: ẹni tó bá gbọ́n á tún nọ́ńbà náà ṣe, owó inú báńkì kan náà sì lè má ní in. Mo lè torí rẹ̀ sọ pé ayédèrú ni risíìtì, mi ò lè torí rẹ̀ gbà á.

Èyí tó tún burú jù ni ti aládùúgbò mi tó ń ta fìríìsà, torí pé owó tirẹ̀ wọlé lóòótọ́. Ọjà 250,000 ni, 400,000 ló bá nínú áàpù. Oníbàárà ní kó fi 150,000 ránṣẹ́ sí àkáǹtì àbúrò òun, ó sì ṣe bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ kẹta, báńkì de àkáǹtì rẹ̀, "líìn" ni wọ́n ń pè é. Owó olówó ni wọ́n jí san fún un, olówó sì ti figbe ta. Kò rí owó lò, 150,000 sì ti bọ́ sọ́wọ́ olè. Orúkọ tó wà lórí àláàtì kì í ṣe orúkọ ẹni tó ń bá a ná ọjà. Aládùúgbò mi rí i, ó ní bóyá ìyàwó oníbàárà náà ni.

Tí owó bá lé ní ọ̀dọ̀ tèmi báyìí, mi ò ní fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni. Mo máa kọ̀wé sí báńkì mi pé owó tí mi ò mọ̀ wọlé, kí wọ́n dá a padà sí àkáǹtì tó ti wá. Mo sì máa sọ fún oníbàárà pé kó lọ fẹjọ́ sun báńkì tirẹ̀. Olè kì í fẹ́ gbọ́ báńkì. Á ní dẹ́rẹ́bà ń dúró, á ní ìyá òun ń ṣàìsàn, á wá bínú.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, bọ̀dá kan wá láti Ìṣẹ́yìn, ó san owó ẹ̀rọ níwájú mi, risíìtì jáde, owó kò wọlé. Mo ní, "Ẹ má bínú, ẹ jókòó." Ó fajú ro. A fún un lómi, ó mu ún, ó tún ẹ̀rọ yẹ̀ wò, ó rí i pé bẹ́líìtì rẹ̀ ti já díẹ̀. Lẹ́yìn wákàtí méjì owó wọlé. Kó tó gbé ẹ̀rọ, ó ní kí n dá 3,000 padà fún òun nítorí bẹ́líìtì yẹn. Bẹ́líìtì tuntun ni mo fún un.