Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́: Ìdí tí èsì íméèlì fi ń já kúrò lára okùn ọ̀rọ̀

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ ètò tó ń fi íméèlì ránṣẹ́, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mo fi wá àṣìṣe kan tó jẹ́ pé ìlà kan ṣoṣo ló fà á. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe lọ, kí irú rẹ̀ má bàa gbà yín ju wákàtí kan lọ.

Ètò tí a kọ nígbà náà ń dá àwọn oníbàárà lóhùn. Ọ̀rọ̀ oníbàárà kọ̀ọ̀kan ní fáìlì tirẹ̀, fáìlì náà sì ní nọ́ńbà. Ètò wa á kọ̀wé sí oníbàárà. Bí òun náà bá fèsì, ó yẹ kí èsì rẹ̀ wọ inú fáìlì kan náà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Gbogbo èsì tó bá wọlé ló ń ṣí fáìlì tuntun, tí ọ̀rọ̀ ẹnì kan ṣoṣo fi di fáìlì mẹ́rin, tí èmi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ mi sì ń dá ẹni náà lóhùn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ láìmọ̀. Àwọn oníbàárà kan tún ń ráhùn pé lẹ́tà wa kì í so mọ́ra nínú àpótí tiwọn.

Ohun tí mo kọ́kọ́ gbà gbọ́ ni pé àkọlé lẹ́tà ló ń so wọ́n pọ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í tún `Re:` ṣe: mo fi kún un, mo yọ ọ́, mo yẹ àlàfo ẹ̀yìn rẹ̀ wò. Kò yí nǹkan kan padà. Ọ̀gá mi kan ló bi mí pé, "Ṣé o ti wo orí lẹ́tà náà?" Mi ò tíì wò ó.

Gbogbo íméèlì ló ní orí, ìyẹn àwọn ìlà tó ṣáájú ọ̀rọ̀ inú rẹ̀, tí a kì í sábà rí. Nínú Gmail, `Show original` ni ẹ ó tẹ̀ kí ẹ tó rí i. Nínú Thunderbird, Ctrl+U ni. Ìlà mẹ́ta níbẹ̀ ló kàn wá:

```
Message-ID: <m3@example.com>
In-Reply-To: <m2@example.net>
References: <m1@example.com> <m2@example.net>
```

`Message-ID` ni orúkọ lẹ́tà náà fúnra rẹ̀, lẹ́tà méjì kò sì gbọdọ̀ jọ jẹ́ orúkọ kan. `In-Reply-To` ń dárúkọ bàbá rẹ̀, ìyẹn lẹ́tà tó ń fèsì sí. `References` ní tirẹ̀ ń ka ìran rẹ̀, láti orí baba ńlá títí dé orí bàbá. Bí ẹ bá tẹ bọ́tìnnì ìfèsì, ètò íméèlì yín á mú `References` tó wà lórí lẹ́tà bàbá, á fi `Message-ID` bàbá náà kún un níparí, ó parí. Kò sí ẹni tó ń ka ọ̀rọ̀ inú lẹ́tà láti mọ ohun tó ń bá lọ. Orúkọ ni ètò ń wá. Bó bá rí orúkọ tó mọ̀, á so wọ́n pọ̀. Bí kò bá rí i, á dá lẹ́tà náà sílẹ̀ bí ọmọ òrukàn.

Ẹ lè béèrè pé, bí a bá ti mọ bàbá, kí la tún ń ka ìran sí? Ẹ jẹ́ kí a sọ pé mo ti pa m2 rẹ́, tàbí pé wọn ò fi ránṣẹ́ sí mi rárá. Bó bá jẹ́ `In-Reply-To` nìkan ni m3 gbé wá, orúkọ ẹni tí mi ò mọ̀ ló ń pè. Ṣùgbọ́n `References` tún dárúkọ m1, m1 sì wà lọ́dọ̀ mi, nítorí náà okùn kò já. Ọgbọ́n yìí ni Jamie Zawinski lò nínú ètò íméèlì Netscape: ó fi àga òfìfo sílẹ̀ fún lẹ́tà tí kò sí, kí àwọn ọmọ rẹ̀ lè ríbi jókòó. Ọgbọ́n yẹn náà ni wọ́n gbé ìlànà títo lẹ́tà sí okùn, tí wọ́n pè ní `REFERENCES`, lé lórí nínú RFC 5256, tó jáde ní 2008.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí ọ̀rọ̀ wa. Nígbà tí mo ṣí orí lẹ́tà bó ṣe dé ọ̀dọ̀ oníbàárà, ohun tí mo rí yà mí lẹ́nu. Orúkọ tí ètò wa fún lẹ́tà náà, tí a sì tọ́jú sínú àkọsílẹ̀ wa, ni `<faili481-1@example.com>`. Èyí tó dé ọ̀dọ̀ oníbàárà ni `<0102a7f@example.net>`. Iléeṣẹ́ tí à ń gbà fi lẹ́tà ránṣẹ́ ti yọ orúkọ wa, ó ti fi tirẹ̀ rọ́pò. Ó wà nínú ìwé ìlànà wọn. Àwa ni a kò kà á.

Gbogbo rẹ̀ bá tò. Oníbàárà fèsì, lẹ́tà rẹ̀ ní bàbá òun ni `0102a7f`, ètò wa wá a nínú àkọsílẹ̀, kò rí i, ó ṣí fáìlì tuntun. Bí àwa náà bá tún kọ lẹ́tà kejì, `faili481-1` là ń pè ní bàbá rẹ̀, àpótí oníbàárà kò sì gbọ́ orúkọ yẹn rí. Àwọn ètò íméèlì kan máa ń wo àkọlé bí wọn ò bá rí orúkọ, ìdí nìyí tí àwọn oníbàárà kan kò fi mọ̀ pé nǹkan kan bà jẹ́. Lórí ẹ̀rọ tí a fi ń dán ètò wò, sáfà tiwa là ń gbà ránṣẹ́, kò sẹ́ni tó ń pààrọ̀ orúkọ, gbogbo rẹ̀ sì ń lọ geerege. Ibẹ̀ ló ti gba ọ̀sẹ̀ mẹ́ta mi.

Àtúnṣe rẹ̀ kò tó nǹkan. Iléeṣẹ́ náà máa ń dá orúkọ tuntun padà fún wa lójú ẹsẹ̀ tó bá gba lẹ́tà lọ́wọ́ wa. A bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú ìyẹn dípò tiwa. A tún fi nọ́ńbà fáìlì sínú àdírẹ́sì ìfèsì, bíi `esi+481@example.com`, kí a lè mọ fáìlì náà bí orí lẹ́tà tilẹ̀ bà jẹ́ lọ́nà. Ẹ kọ́kọ́ rí i dájú pé sáfà yín ń gba àmì `+` yẹn o.

Lẹ́yìn náà ni mo tún fọwọ́ ara mi bà á jẹ́. Mo ní kí lẹ́tà máa gbé `[#481]` sórí àkọlé láti orí èsì àkọ́kọ́. Ọjọ́ kejì, àwọn tó ń lo Gmail tún ń rí okùn méjì. Orúkọ pé, ìran pé, ṣùgbọ́n Gmail tún ń wo àkọlé: bí àkọlé bá yí padà, á dá okùn tuntun sílẹ̀. (Ó tún máa ń gé okùn tó bá ti ju lẹ́tà 100 lọ, nítorí náà ẹ má wá àṣìṣe síbẹ̀.) Bí ẹ bá fẹ́ nọ́ńbà lórí àkọlé, ẹ fi í síbẹ̀ láti orí lẹ́tà àkọ́kọ́, ẹ má sì fọwọ́ kàn án mọ́.

Ìdàkejì rẹ̀ náà wà. Ẹnì kan á ṣí lẹ́tà àtijọ́, á tẹ ìfèsì nítorí pé kò fẹ́ tẹ àdírẹ́sì, á pa àkọlé rẹ́, á bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ mìíràn. Gmail á gbé e sọ́tọ̀, ṣùgbọ́n ètò tó ń tẹ̀ lé orúkọ nìkan á kó o sábẹ́ ọ̀rọ̀ àtijọ́, torí `References` ṣì wà lórí rẹ̀. Ètò tiwa náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, a sì fi bọ́tìnnì kan sí i kí òṣìṣẹ́ lè yọ irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ sí fáìlì tuntun.

Ní ti àwọn fáìlì tó ti pín tẹ́lẹ̀, a fi àdírẹ́sì oníbàárà àti àkọlé wá wọn rí, a fi ọwọ́ dà wọ́n pọ̀. Àwọn tó wà nínú àpótí oníbàárà ṣì pín títí di òní, torí orí lẹ́tà tó ti dé ọwọ́ ẹlòmíì kò ṣeé tún kọ.