Ìpara gìgísẹ̀ màmá mi kò sí lọ́jà mọ́: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nígbà tí mo ń wá òmíràn

Gàrí ni màmá mi ń dín, ní abúlé kan tí kò jìnnà sí Ìjẹ̀bú Òde. Ẹ̀yin tí ẹ mọ gàrí Ìjẹ̀bú mọ̀ pé kì í ṣe gàrí àkánjúṣe. Ẹ̀gẹ́ tí a ti rin gbọ́dọ̀ wà nínú àpò fún ọjọ́ mélòó kan kó tó kan bó ṣe yẹ, omi kíkan yẹn a sì máa ṣàn sílẹ̀ níbi tí wọ́n ń tẹ̀ kọjá lójoojúmọ́. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n á tún jókòó ti agbada, tí ooru iná igi á máa gbẹ wọ́n lára. Bí ọyẹ́ bá wá dé, gìgísẹ̀ màmá mi á là débi pé orí ìka ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń rìn lọ sí ilé ìwẹ̀.

Ìpara kan ṣoṣo ló ń ràn wọ́n lọ́wọ́. Ó tó ọdún 9 tí wọ́n ti ń lò ó: ike funfun, ìdérí pupa, ìwọ̀n giráàmù 250. Lọ́dún tó kọjá ni mo dé Òkè Ajé tí oníṣọ́ọ̀bù tí a máa ń rà á lọ́wọ́ rẹ̀ sọ fún mi pé, “Àǹtí, ìyẹn ò wọlé mọ́ o.” Mo rò pé wọn ò tíì rí owó kó ọjà ni. Mo béèrè ní ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta míì àti ní ilé ìtajà oògùn kan, ẹnu wọn kò. Ẹni tó ń bá wọn kó ọjà láti Ìdúmọ̀tà sọ pé ó ti lé ní ọdún kan tí òun ti rí i gbẹ̀yìn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ́kọ́ ṣe ìwádìí yìí, nítorí nígbà míì ike tàbí àwọ̀ ìdérí ni ilé iṣẹ́ yí padà, tí ọjà náà sì wà lórí àtẹ níwájú yín.

Àṣìṣe tí mo kọ́kọ́ ṣe nìyí. Mo ra ìpara míì tó ní ike funfun, tó nípọn bákan náà, tí òórùn rẹ̀ sì jọ ti àtijọ́ gan-an. Inú màmá mi dùn. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, gìgísẹ̀ òsì là, ó sì ṣẹ̀jẹ̀. Òórùn ni mo rà, mi ò ra iṣẹ́ tí ìpara ń ṣe. Ó dùn mí púpọ̀, torí pé ẹsẹ̀ ìyá mi ni mo fi dán an wò.

Ìgbà náà ni mo wá ike àtijọ́ kan jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, tí wọ́n fi ń kó bọ́tìnnì sí. Mo ya ìwé ẹ̀yìn rẹ̀ ní fọ́tò, mo sì fẹ̀ ẹ́ lójú fóònù. Ohun tí mo kà nìyí:

```
Aqua, Urea, Glycerin, Petrolatum,
Cetearyl Alcohol, Phenoxyethanol, Parfum
```

Bí a bá mọ̀ ọ́n kà, ọ̀rọ̀ inú ìlà méjì yìí pọ̀. Èyí tó pọ̀ jù nínú ìpara ni wọ́n máa ń kọ síwájú, wọ́n á sì máa bọ̀ wálẹ̀ títí dé èyí tí kò tó ìdá 1 nínú 100. Láti ibẹ̀ lọ, wọ́n lè tò ó bó ṣe wù wọ́n. Aqua ni omi. Urea ló tẹ̀ lé e, ìyẹn yúríà, a jẹ́ pé òun ló pọ̀ jù lẹ́yìn omi. Wọ́n tilẹ̀ kọ ọ́ síwájú ike pé ìdá 10 nínú 100 ni. Fún ọdún 9, kò sí ẹni tó ka nọ́ńbà yẹn nínú wa.

Yúríà yìí ló ń ṣe iṣẹ́ tí màmá mi fẹ́ràn. Ó ń fa omi sínú awọ ara, ó sì ń rọ awọ líle tó ti dì mọ́ gìgísẹ̀. Gílísárìnì ń di omi náà mú kó má lọ. Petrolatum kì í ṣe ohun àjèjì, fasilíìnì tí gbogbo wa mọ̀ ni. Ó ń bo orí awọ kí ọyẹ́ má bàa fa omi jáde. Cetearyl Alcohol ló ń mú ìpara nípọn, kì í gbẹ ara bí ọtí ṣe ń gbẹ ara, nítorí náà ẹ má jẹ́ kí orúkọ rẹ̀ dẹ́rù bà yín. Parfum ni lọ́fínńdà, ìparí pátápátá ló sì wà. Òun gan-an ni mo ti ń lé kiri ọjà.

Mo padà sọ́jà pẹ̀lú fọ́tò yẹn. Ìpara mẹ́ta ló ní yúríà nínú ohun tí mo rí.

Èkínní jẹ́ ike ńlá, mílílítà 400, ₦3,600. Wọ́n kọ yúríà gàdàgbà síwájú rẹ̀, ṣùgbọ́n wọn ò kọ iye ìdá. Mo yí i sẹ́yìn, mo sì wá ibi tí Phenoxyethanol wà. Ohun tí kì í jẹ́ kí ìpara bàjẹ́ ni Phenoxyethanol, òfin ilẹ̀ Yúróòpù ò sì jẹ́ kó kọjá ìdá 1 nínú 100. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni yúríà wà nínú ike yìí. Ìyẹn ni pé yúríà ibẹ̀ kò lè ju ìdá 1 lọ, bí ẹni tó ṣe é bá tẹ̀ lé òfin títò yẹn. Mo dá a padà. Bó ṣe pọ̀ tó, tó sì rọjú tó, kò sí ohun tí gìgísẹ̀ tó ti le lè rí gbà níbẹ̀.

Èkejì wà nínú túùbù mílílítà 75, ìdá 25 nínú 100, ₦4,500. Èyí lágbára. Bí awọ líle bá ti nípọn bí pátákó, òun ló dára jù. Ṣùgbọ́n ìpara kan náà ni màmá mi fi ń pa ọwọ́, ọwọ́ wọn kì í sì í wà láìsí ojú ọgbẹ́ ọ̀bẹ tí wọ́n fi ń bẹ ẹ̀gẹ́. Yúríà tó pọ̀ báyìí á ta wọ́n burúkú. Ohun kan tún wà tí ẹni tí kì í dín gàrí lè má ronú kàn: ìka tó ti gbẹ, tó ti là, kì í lè fún túùbù. Bí a ṣe ń ṣí nǹkan àti bí a ṣe ń bu ú wà lára iṣẹ́ tó ń ṣe.

Ẹ̀kẹta ni mo rà: ike ẹlẹ́nu gbọọrọ, giráàmù 200, ìdá 10 nínú 100, ₦5,000. Kò ní lọ́fínńdà rárá. Gílísárìnì àti fasilíìnì wà nínú rẹ̀ lẹ́yìn yúríà, bíi ti àtijọ́. Nọ́ńbà NAFDAC wà lára rẹ̀, ọjọ́ tí yóò bàjẹ́ náà sì hàn ketekete.

Ọ̀rọ̀ ìwọ̀n ló tẹ̀ lé e, torí màmá mi ní òun ò lè san owó tó pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ fún ike tó kéré. Mo bá wọn ṣírò ó. Ike 250 àtijọ́ máa ń tó wọn lò fún nǹkan bí 50 ọjọ́, a jẹ́ pé giráàmù 5 ni wọ́n ń lò lójúmọ́. ₦4,500 ni a rà á gbẹ̀yìn, ìyẹn ₦90 lójúmọ́. Ike tuntun á tó 40 ọjọ́, ₦125 lójúmọ́. Ó wọ́n ju ti àtijọ́ lọ lóòótọ́. A wá gbà pé ní àsìkò òjò, tí ara kì í gbẹ púpọ̀, alẹ́ nìkan ni wọn yóò máa pa á, kó lè pẹ́.

Kí wọ́n tó fi pa ẹsẹ̀, mo ní kí wọ́n máa fi díẹ̀ pa inú apá lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ fún ọjọ́ 7. Kò yún wọn, kò pọ́n. Lẹ́yìn náà ni mo ní kí ó jẹ́ gìgísẹ̀ òsì nìkan ni wọn yóò fi í pa fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí wọ́n máa fi fasilíìnì lásán pa ọ̀tún. Wọ́n ṣàròyé, wọ́n ní irú àṣà wo nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí ẹsẹ̀ méjèèjì bá gba ìpara kan náà, tí ọyẹ́ sì dẹwọ́ láàárín ìgbà yẹn, báwo la ó ṣe mọ èyí tó ṣiṣẹ́? Nígbà tó fi di ọjọ́ 10, òsì ti rọ̀, ojú ibi tó là ti ń pa dé. Ọ̀tún ń dán, ṣùgbọ́n líle rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Bí òrí pàápàá ṣe máa ń ṣe nìyẹn: ó ń bo awọ dáadáa, kì í rọ èyí tó ti dì.

Ìmọ̀ràn burúkú méjì ni mo gbà lójú ọ̀nà, mo sì fẹ́ kí ẹ mọ̀ wọ́n. Bọ̀dá kan tó ń dáko sọ pé ṣebí yúríà kan náà ni wọ́n ń tà ní àpò fún àgbàdo, kí n bù ú sínú fasilíìnì. Ẹ má ṣe é o. Ajílẹ̀ ni wọ́n ṣe ìyẹn fún, wọn ò yọ ìdọ̀tí inú rẹ̀ fún awọ ènìyàn. Èkejì ni obìnrin kan tó gbé ìpara àpòpọ̀ kan fún mi nínú ike tí kò ní orúkọ, tó ní bákan náà ni pẹ̀lú ti tẹ́lẹ̀, pé á tún mú ẹsẹ̀ “mọ́”. Mímọ́ yẹn ló lé mi sá. Àwọn nǹkan tó ń bó awọ, bíi haidirokuinóònù àti mákúrì, máa ń wà nínú irú àpòpọ̀ bẹ́ẹ̀, kò sì sí ìwé kankan lára ike tí mo lè fi mọ̀.

Bí ẹ bá rí èyí tó ṣẹ́kù nínú ọjà yín àtijọ́ ní ṣọ́ọ̀bù kan, ẹ ṣí i kí ẹ gbọ́ òórùn rẹ̀. Ìpara yúríà tó ti gbó máa ń rùn bí ìtọ̀, torí amóníà ni yúríà ń yọ bó bá ń bàjẹ́. Ẹ fi sílẹ̀ fún wọn. Ẹni tó bá sì ní àtọ̀gbẹ, tí gìgísẹ̀ rẹ̀ là, kó fi ẹsẹ̀ náà han dókítà kó tó fi ohunkóhun pa á.

Ike tuntun náà ní àwòrán ike kékeré tó ṣí sílẹ̀, wọ́n sì kọ 12M sínú rẹ̀: oṣù 12 ni lẹ́yìn tí a bá ti ṣí i. Mo fi bírò kọ ọjọ́ tí a ṣí i sábẹ́ rẹ̀, mo sì fún màmá mi ní ṣíbí kékeré kan kí wọ́n má fi ọwọ́ tútù bu ú mọ́. Fọ́tò ìwé ẹ̀yìn rẹ̀ wà lórí fóònù mi báyìí, ó sì wà lórí ti àbúrò mi tó wà ní Ṣàgámù, kó lè bá wa wò ó ní ọjà tiwọn bí ti Òkè Ajé bá tún tán.