Bàtà tuntun tí kò jẹ́ kí n mọ ibi tí kílọ́ọ̀ṣì mi ti ń mú

Ojúde Ọba ló gbé mi lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde. Ayẹyẹ náà dùn dé ojú rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ bàtà ni mo fẹ́ sọ, torí inú ṣì ń bí mi.

Bàtà aláwọ tí mo ti ń fi wakọ̀ láti bí ọdún mẹ́ta ni mo wọ̀ lọ láti Ìbàdàn. Òjò pa á, àtẹ́lẹ̀ rẹ̀ sì lanu bí ẹnu ẹja. Láàárọ̀ ọjọ́ tí mo fẹ́ padà, mo sáré lọ sí ọjà Òkè-Àjẹ. Ìyá oníbàtà kan gbé kámúbásì funfun kan jáde, fóòmù abẹ́ rẹ̀ ga bí búrẹ́dì.

"Àǹtí mi, ẹ wọ̀ ọ́ wò. Bí ẹni ń rìn lórí òwú ni."

Òótọ́ ló sọ, òwú náà ló kó bá mi. Ẹgbẹ̀rún 17 náírà ni mo san. Kí n tó kúrò nígboro, mo rí irú rẹ̀ gan-an lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ní ẹgbẹ̀rún 11. Ẹ má ṣe ra ohun tí ẹ nílò lójú ẹsẹ̀ nígbà tí àlejò bá kún ìlú.

Mọ́tò mánúà ni mo ń wà. Nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ, mo jọ̀wọ́ kílọ́ọ̀ṣì díẹ̀díẹ̀ bí mo ṣe máa ń ṣe, mọ́tò sì kú. Mo tún un ṣe, ó tún kú. Ẹ̀ẹ̀kẹta, mo tẹná jù, mo sì gbóòórùn kílọ́ọ̀ṣì tó ń jóná. Wakọ̀-wakọ̀ ẹ̀yìn mi ń fọn fèrè léraléra. Ibi tí kílọ́ọ̀ṣì ti ń gbá mọ́tò mú, ẹsẹ̀ ni mo fi ń mọ̀ ọ́n: pẹ́dà á gbọ̀n díẹ̀ lábẹ́ ọmọ ìka. Lọ́jọ́ yẹn, n kò mọ nǹkan kan. Fóòmù náà ló ń kọ́kọ́ rì kí pẹ́dà tó gbéra, tí mo bá sì ń jọ̀wọ́, òun náà á tún máa wú padà.

Mo rò pé kílọ́ọ̀ṣì nìkan ni, àfi ìgbà tí mo súnmọ́ ìlú Òru. Ọkọ̀ akẹ́rù kan dúró lójijì níwájú mi. Mo gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí iná láti tẹ búrẹ́ẹ̀kì, etí bàtà tó fẹ̀ sóde náà sì há sí abẹ́ pẹ́dà búrẹ́ẹ̀kì, nítorí búrẹ́ẹ̀kì máa ń ga ju iná lọ. Mo fà á yọ, mo tẹ búrẹ́ẹ̀kì. Ó ku bí ìwọ̀n apá kan kí n wọ abẹ́ akẹ́rù náà. Ẹ̀yin tó ń wa ọ́tò, tiyín náà nìyẹn o: kò sí kílọ́ọ̀ṣì, ṣùgbọ́n búrẹ́ẹ̀kì wà.

Mo bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Ọpẹ́ ni pé bàbá arán-bàtà kan wà níbẹ̀. Ó fi àtàǹpàkò tẹ fóòmù náà, ó rì wọlé, ó wá fi rúlà wọ̀n ọ́n níbi ọmọ ìka: mílímítà 32. Bàtà mi àtijọ́ kò ju 8 lọ.

"Ọmọ mi, èyí wà fún rírìn. Gìgísẹ̀ wakọ̀-wakọ̀ gbọ́dọ̀ jókòó sílẹ̀ kó máa yí níbẹ̀. Èyí ti gbé e sókè."

Mo bi í bóyá kí n kúkú máa wakọ̀ lẹ́sẹ̀ lásán. Ó ní rárá: tí mo bá ní láti tẹ búrẹ́ẹ̀kì gan-an, irin á máa dun àtẹ́lẹ̀ ẹsẹ̀, n kò sì ní lè tẹ̀ ẹ́ tó. Sílípáàsì ńkọ́? Ó ní ìyẹn tiẹ̀ burú jù, torí kò ní ohun tó dì í mọ́ gìgísẹ̀, ó lè bọ́ kó sì kọ́ sí abẹ́ pẹ́dà.

Bàtà àtijọ́ náà ló tún ṣe. Ó fọ ẹrẹ̀ rẹ̀, ó nù ún gbẹ, ó ha ojú rẹ̀ kó lè mú. Ó fi gọ́ọ̀mù pa awọ, ó pa rọ́bà tín-ínrín tuntun náà, ó sì yà wọ́n sọ́tọ̀. Mo ní kó lẹ̀ ẹ́ kíá. Ó ní tí gọ́ọ̀mù bá ṣì tutù, yóò ṣí kí n tó dé ilé. Mo lọ jẹ ìkọ́kọrẹ́ nítòsí, ìkọ́kọrẹ́ tó ki dáadáa, tí ẹja kún inú rẹ̀, inú mi sì rọ̀. Nígbà tí mo dé, ó ti lẹ̀ ẹ́, ó ti fi òòlù lù ú, ó sì ń rán etí rẹ̀ yí ká. Rọ́bà náà kì í yọ̀ bí awọ tí omi bá kàn án, kò sì ní eyín jíjìn tó lè kọ́ pẹ́dà.

Ẹgbẹ̀rún 3 péré ló gbà, mo sì fi 1,000 kún un.

Kí n tó gbéra, mo jókòó sínú mọ́tò, mo sọ ẹsẹ̀ láti iná sí búrẹ́ẹ̀kì lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Kò há. Mo ṣáná, mo jọ̀wọ́ kílọ́ọ̀ṣì, mo sì gbọ́ ọ lábẹ́ ẹsẹ̀ mi nígbà tó mú. Kámúbásì náà wà nínú búùtù títí mo fi dé Ìbàdàn.