Lẹ́tà ìfiṣẹ́sílẹ̀ kò gbọdọ̀ ju ojú ìwé kan lọ: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nídìí fáìlì

Ókun o, ẹ̀yin àbúrò mi. Láti ìgbà tí mo ti gbé kọ́kọ́rọ́ yàrá fáìlì lé ẹlòmíì lọ́wọ́, tí mo fẹ̀yìn tì sílé, ohun tí ẹ̀ ń fi ránṣẹ́ sí mi jù lórí fóònù ni lẹ́tà ìfiṣẹ́sílẹ̀: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi yẹ̀ ẹ́ wò.” Mo ń yẹ̀ ẹ́ wò. Ojú ìwé méjì lèyí, mẹ́ta nìyẹn. Tibinu-tibinu làwọn kan fi kọ tiwọn. Àwọn mìíràn ń dọ̀bálẹ̀ láti orí ìlà àkọ́kọ́ títí dé ìsàlẹ̀. Ibi tí irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ máa ń gúnlẹ̀ sí, mo ti rí i. Ìdí nìyí tí mo fi ní kí n to ẹ̀kọ́ díẹ̀ sílẹ̀ fún yín.

Ẹ̀kọ́ kìíní: kí ẹ tó mú bírò, ẹ lọ wá lẹ́tà tí wọ́n fi gbà yín síṣẹ́ jáde. Ibẹ̀ ni ẹ ó ti rí iye ọjọ́ tó yẹ kí ẹ fi tó ọ̀gá létí. Tí kò bá sí nǹkan kan níbẹ̀, òfin iṣẹ́ ilẹ̀ Nàìjíríà, abala 11, ti là á sílẹ̀. Ẹni tí kò tíì ju oṣù mẹ́ta lọ lẹ́nu iṣẹ́, ọjọ́ kan. Ẹni tó ti ju oṣù mẹ́ta lọ ṣùgbọ́n tí kò tíì pé ọdún méjì, ọ̀sẹ̀ kan. Láti ọdún méjì sókè títí tó fi ku díẹ̀ kó pé márùn-ún, ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹni tó bá ti pé ọdún márùn-ún, oṣù kan. Ẹ má gbàgbé pé àwọn tó ń fi agbára ọwọ́ ṣiṣẹ́ àti akọ̀wé ni wọ́n ní lọ́kàn nígbà tí wọ́n ṣe òfin yẹn. Ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ alákòóso tàbí iṣẹ́ ọ̀mọ̀wé, ohun tó wà nínú lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ rẹ̀ ló máa dì mú.

Ẹ̀kọ́ kejì: ipò ni ẹ máa kọ̀wé sí, ẹ má kọ ọ́ sí ènìyàn. Ẹni tó gbà yín síṣẹ́, tàbí ẹni tó jókòó sí àyè rẹ̀, ni lẹ́tà gbọ́dọ̀ dọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ̀kọ́ kẹta ni mo fẹ́ kọ báyìí, àmọ́ ọ̀rọ̀ ọmọkùnrin yẹn ni kò jẹ́ kí n ráyè. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán ná.

Olùkọ́ ìṣirò ni, ní ilé-ìwé aládàáni kan lápá ọ̀dọ̀ wa níbí, láàárín Ìjùmú sí Yàgbà. Èmi ni akọ̀wé àgbà níbẹ̀ nígbà náà. Ọmọ dáadáa ni. Ó máa ń dúró lẹ́yìn iṣẹ́ kọ́ àwọn tó fẹ́ ṣe ìdánwò àṣekágbá, kò sì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wọn. Wọ́n jẹ ẹ́ ní owó oṣù méjì, bí wọ́n ṣe jẹ gbogbo wa. Iṣẹ́ kan wá yọ fún un ní Lọ́kọ́ja. Ó jókòó, ó kọ lẹ́tà, ó sì fi lé igbákejì ọ̀gá ilé-ìwé lọ́wọ́ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, láàárín kíláàsì méjì. Kò tọ́jú ẹ̀dà kankan sọ́wọ́.

Lẹ́tà yẹn kọjá lọ́wọ́ mi. Abala mẹ́rin ni. Nínú èyí àkọ́kọ́, ó yin Ọlọ́run, ó yin onílé-ìwé, ó yin ìyàwó onílé-ìwé, ó kí gbogbo ìlú fún bí wọ́n ṣe gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Ìkejì ka gbogbo ìyà tó ti jẹ ẹ́, ó sì sọ pé bọ́sà ń yọ nínú owó àwọn olùkọ́ láìsọ ìdí. Ìkẹta ló gbé ọ̀rọ̀ gan-an wá: “Nítorí náà, mo fẹ́ bẹ̀ yín kí ẹ jọ̀wọ́ yọ̀ǹda mi láti fiṣẹ́ sílẹ̀ bí táàmù bá parí, àyàfi tí ẹ bá tún ọ̀rọ̀ owó oṣù wa ṣe.” Àdúrà ló kún ìkẹrin.

Ẹ wo ohun tí wọ́n fi gbólóhùn kan yẹn ṣe.

Onílé-ìwé fi bírò pupa fàlà sábẹ́ “yọ̀ǹda mi”. Ó ní ọmọ náà tọrọ àyè, òun kò sì fún un láyè. Ẹni tó bá sọ pé òun fiṣẹ́ sílẹ̀, kò dúró de ìyọ̀ǹda ẹnikẹ́ni. Wọn kò lè fi tipátipá dá òṣìṣẹ́ dúró lẹ́nu iṣẹ́, ohun tó pọ̀ jù ni kí wọ́n béèrè owó ọjọ́ tí kò fi tó wọn létí. Ilé-ẹjọ́ ilẹ̀ wa ti sọ ọ́ láti 1960, nínú ẹjọ́ Benson àti Onitiri, pé ọjọ́ tí lẹ́tà bá dọ́wọ́ ẹni tó yẹ kó gbà á ni ìfiṣẹ́sílẹ̀ ti múlẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀bẹ̀ ni ọmọ yìí kọ, ẹ̀bẹ̀ sì ní “bẹ́ẹ̀ kọ́” nínú.

“Àyàfi” tó kọ tún bà á jẹ́ sí i. Wọ́n ní kò tíì pinnu nìyẹn, ó kàn ń fi ìlọ dẹ́rù bà wọ́n ni.

“Bí táàmù bá parí” ńkọ́? Ìdánwò fà sẹ́yìn lọ́dún náà, táàmù kò sì parí lọ́jọ́ tó wà lórí kàlẹ́ńdà. Lọ́kọ́ja kò lè dúró. Ó lọ lọ́jọ́ tí kàlẹ́ńdà sọ, wọ́n sì kọ ọ́ sínú fáìlì rẹ̀ pé ó sá kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Ọwọ́ mi ni wọ́n fi kọ ọ́. Wọ́n pè é, èmi sì tẹ̀ ẹ́.

Bọ́sà ní tirẹ̀ gbé abala kejì, ó ní wọ́n ti ba òun lórúkọ jẹ́ nínú ìwé. Wọ́n fún ọmọ náà ní ìwé wá-wí-tẹnu-ẹ pé kó wá fi ẹ̀rí hàn. Ẹ̀rí wo ló fẹ́ mú wá? Òótọ́ ló sọ, gbogbo wa la mọ̀, àmọ́ kò sí rìsíìtì lọ́wọ́ rẹ̀. Ìgbà tí ó fi máa tó àkókò ìṣírò, wọ́n yọ owó oṣù kan dípò ìfitónilétí tí wọ́n ní kò ṣe, wọ́n sì ti ìyókù mọ́ orí “ẹjọ́ tó wà nílẹ̀”. Owó oṣù méjì lọ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí àwọn ará Lọ́kọ́ja kọ̀wé wá béèrè irú ènìyàn tó jẹ́, fáìlì yẹn ni onílé-ìwé fi dá wọn lóhùn. Inú ṣì ń bí mi sí i. Ọkùnrin tó jẹ òṣìṣẹ́ lówó tún fi gírámà òṣìṣẹ́ dá a lẹ́bi, lọ́jọ́ Àìkú ó wọ aṣọ òkè lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.

Ó dára. Ẹ̀kọ́ kẹta nìyí: ẹ jẹ́ ká mú lẹ́tà náà, ká gé e.

Nínú abala kìíní, gbólóhùn ọpẹ́ kan ṣoṣo ni kó kù, kó sì bọ́ sí ìsàlẹ̀. Ìlú àti ìyàwó onílé-ìwé kò sí nínú àdéhùn iṣẹ́. Abala kejì jáde pátápátá. Ìdí tí èèyàn fi ń lọ kì í ṣe dandan nínú lẹ́tà yìí. Ẹ̀sùn ní lẹ́tà tirẹ̀, tí èèyàn kọ nígbà tó ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́, pẹ̀lú orúkọ oṣù àti iye owó. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra o: owó tí wọ́n jẹ yín yàtọ̀ sí ẹ̀sùn. Ẹ lè béèrè ìṣírò owó yín láì pe ẹnikẹ́ni lólè, ìlà kan sì tó fún un. Abala kẹta: ẹ yọ “mo fẹ́ bẹ̀ yín”, ẹ yọ “àyàfi”, ẹ fi ọjọ́ gidi rọ́pò “bí táàmù bá parí”. Àdúrà, ẹ gbà á lórí ìkúnlẹ̀ nílé.

Ká ní ọjọ́ 14 Oṣù Kọkànlá ló máa fi jíṣẹ́, tí lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ rẹ̀ sì sọ pé oṣù kan. Gẹ̀ẹ́sì ni púpọ̀ nínú yín máa fi kọ tiyín, àmọ́ bó ṣe máa tò nìyí:

14 Oṣù Kọkànlá

Sí Olùdarí Ilé-Ìwé,
nípasẹ̀ Ọ̀gá Ilé-Ìwé.

Ẹ̀yin Olùdarí wa sà,

MO KỌ̀WÉ FIṢẸ́ SÍLẸ̀

Mo fi ìwé yìí fi iṣẹ́ olùkọ́ ìṣirò sílẹ̀. Ìfitónilétí oṣù kan tó wà nínú lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ mi bẹ̀rẹ̀ lónìí, 14 Oṣù Kejìlá sì ni ọjọ́ tí màá ṣiṣẹ́ kẹ́yìn.

Kí ọjọ́ náà tó pé, màá ti fi máàkì àwọn ọmọ, ìwé ètò ẹ̀kọ́ àti kọ́kọ́rọ́ kọ́bọ́ọ̀dù lé ẹni tí ẹ bá yàn lọ́wọ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi ṣírò owó oṣù tó kù fún mi títí di ọjọ́ náà.

Mo dúpẹ́ fún àyè tí ẹ fún mi láti kọ́ni níbí.

Èmi ni tiyín,
(orúkọ, ipò, ìbuwọ́lùwé)

Ẹ̀yin kan máa ní lẹ́tà yìí gbẹ, pé ọmọ tí a tọ́ dáadáa kì í bá àgbà sọ̀rọ̀ báyẹn. Mo gbọ́. Bí a ṣe máa ń jókòó kí ara wa látorí iyàwó dórí ewúrẹ́ ká tó sọ ohun tó gbé wa wá, ìyẹn ló máa ń mú kí lẹ́tà wa gùn. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọ̀wọ̀ tó wà nínú rẹ̀: ó fún ọ̀gá ní oṣù kan láti wá ẹlòmíì, ó ṣèlérí pé òun ò ní fi nǹkan sílẹ̀ rúdurùdu, ó sì dúpẹ́. Ìkíni tó kù, ẹsẹ̀ ni ẹ máa fi gbé e lọ. Ẹ lọ bá ọ̀gá nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, tàbí láàárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an, ẹ dọ̀bálẹ̀, ẹ kúnlẹ̀, ẹ sọ ọ́ fún un lẹ́nu kó má baà jẹ́ pé orí tábìlì ló ti kà á. Níbẹ̀ ni ẹ ti lè yin ìyàwó rẹ̀ bó bá ṣe wù yín. Àmọ́ bí ẹ bá ti sọ ọ́ lẹ́nu, ẹ má jẹ́ kí ọjọ́ náà kọjá kí lẹ́tà tó tẹ̀lé e. Àwọn ọ̀gá kan wà tí wọ́n á ní “lọ rò ó wò ná”, tí wọ́n á sì ti máa wá ìdí tí wọ́n máa fi lé yín kí ẹ tó padà dé.

Ọjọ́ tó wà lókè lẹ́tà gbọ́dọ̀ jẹ́ ọjọ́ tí ẹ fi lé wọn lọ́wọ́. Tí ẹ bá kọ 14 sí i, tó wá di ọjọ́ 16 kó tó dé ọ́fíìsì, oṣù yín kò pé mọ́, ẹni tó bá fẹ́ wá ẹ̀sùn sì ti rí i. Ẹ tẹ̀ ẹ́ ní ẹ̀dà méjì. Kí akọ̀wé fọwọ́ sí ìkejì, kó kọ ọjọ́ àti aago sí i, kó lu sítáńpù tí wọ́n bá ní, kí ẹ sì mú un lọ sílé. Bí wọ́n bá kọ̀ láti fọwọ́ sí i, ẹ má bá wọn jà ní ọ́fíìsì. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀, ẹ fi ránṣẹ́ sí ímeèlì ilé-iṣẹ́ lọ́jọ́ náà, kí ẹ sì fi ẹ̀dà mìíràn ránṣẹ́ nípasẹ̀ àwọn tó ń jíṣẹ́ ìwé tí wọ́n máa ń gba ìbuwọ́lùwé ẹni tó gbà á. Rìsíìtì wọn, ẹ fi sínú fáìlì kan náà pẹ̀lú lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ yín.