Òrùlé wa tó ń jò
Òjò ọjọ́ 3 oṣù kẹfà ni àjà yàrá ti kọ́kọ́ ń kán, mo sọ fún Bàbá onílé lẹ́nu lásán, wọ́n sì gbàgbé. Nígbà tó tún rọ̀ lọ́jọ́ 9, garawa kan kún láàárín wákàtí kan, àjà ti wú, omi ń kán lẹ́gbẹ̀ẹ́ wáyà gílóòbù, àyà mi já, mo sáré lọ pa iná. Mo ya fọ́tò, mo wá kọ ọ́ sí wọn lórí Wásáàpù: “Ẹ káalẹ́ sà. Ìdí ìṣó páànù tó ti dógùn-ún lókè yàrá ló ń jò, láti ọjọ́ 3. Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí káfíńtà wá wò ó kó tó di ọjọ́ 12, kí iṣẹ́ parí lọ́jọ́ 17.” Káfíńtà dé lánàá o.