Àláàtì wọlé, owó ò wọlé
Ọkùnrin kan pè mí nírọ̀lẹ́ yìí: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ₦35,000 oògùn màmá mi ló ṣèèṣì wọ àkáǹtì yín." Àláàtì dé lóòótọ́, àmọ́ nọ́ńbà fóònù lásán ló fi ránṣẹ́, kì í ṣe orúkọ báńkì mi. Mo ṣí áàpù báńkì: kọ́bọ̀ kan ò wọlé. Ó ń sunkún, ó ní kí n dá owó náà padà kíá. Àánú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe mí.

Mo ní, "Ẹ lọ bá báńkì yín, àwọn ni yóò bá báńkì mi sọ ọ́." Ló bá já fóònù sí mi létí.

Inú ń bí mi gan-an. Ìyá tó ń ta ata lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ò ní áàpù kankan, àláàtì nìkan ló ń wò.