Wo ìrìn nọ́mbà kí o tó yọ ọ́

Ìdánwò ìgbanisíṣẹ́ àkọ́kọ́ tí mo ṣe l'Ékòó, ìbéèrè 30 ni, ìṣẹ́jú 30. Ìbéèrè kan ṣoṣo gba ìṣẹ́jú mẹ́rin lọ́wọ́ mi. Nígbà tí kọ̀ǹpútà pa dé, mẹ́jọ ló kù tí mi ò tíì kà rárá. Ó dùn mí gan-an, torí mo mọ̀ ọ́n ṣe.

Ìbéèrè náà nìyí: 4, 30, 7, 25, 10, 20, kí ló kàn? Mo ń yọ nọ́mbà kọ̀ọ̀kan kúrò lára èyí tó tẹ̀ lé e, mo rí 26, mo rí 23 tó wálẹ̀, mo rí 18, mo wá jókòó tì wọ́n. Nígbà tí mo délé, mo kọ ọ́ sórí bébà fún ẹ̀gbọ́n mi tó ń kọ́ni ní ìṣirò.

Ó ní, “Ṣé o ò rí i pé ó ń gòkè, ó ń sọ̀? Ọ̀nà méjì ni wọ́n lọ́ pọ̀.” Ó fa ìlà sábẹ́ 4, 7, 10. Ó fa òmíràn sábẹ́ 30, 25, 20. Ti àkọ́kọ́ ló kàn: 13.

Láti ọjọ́ náà, ìrìn nọ́mbà ni mo kọ́kọ́ ń wò. Tó bá ń gòkè tó ń sọ̀, mo máa ń pín in sí méjì. Tó bá rọra ń gòkè, mo máa ń yọ ọ́. Tó bá ń fò, bíi 3, 7, 15, 31, ìsọdipúpọ̀ ló wà níbẹ̀: ìlọ́po méjì, kí a fi 1 kún un, 63 ló kàn. Tí mo bá yọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì tí kò fojú hàn, mo máa ń mú ìdáhùn kan, mo máa ń kọjá lọ, mo sì máa ń padà síbẹ̀ tí àkókò bá ṣẹ́ kù.

Àwọn àtẹ ló tún ń tanni jẹ, pàápàá àtẹ róbótó méjì tí wọ́n tò síra. Ká ní ọdún kìíní, ìrẹsì jẹ́ 40% nínú ọjà tí ṣọ́ọ̀bù kan tà. Lọ́dún kejì, ó di 30%. Ṣé owó tí wọ́n pa lórí ìrẹsì dínkù ni? Ojú yóò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, “ó dínkù ní 10%” yóò sì wà lára àwọn ìdáhùn, ó ń dúró dè yín. Ẹ wo ohun tí wọ́n kọ wẹ́wẹ́ sábẹ́ àtẹ kọ̀ọ̀kan: àpapọ̀ ọdún kìíní jẹ́ mílíọ̀nù 200 náírà, ti èkejì jẹ́ mílíọ̀nù 300. 40% nínú 200 jẹ́ 80. 30% nínú 300 jẹ́ 90. Mílíọ̀nù 10 ló fi lé sí i. Tí wọ́n bá béèrè ìdá tó fi pọ̀ sí i, 80 tó ti wà tẹ́lẹ̀ la ó fi pín 10, kì í ṣe 90: 12.5%.

Ní tèmi, kí n tó ka ìbéèrè kankan lórí irú àtẹ bẹ́ẹ̀, mo ti kọ 200 àti 300 sórí bébà tí mo fi ń ṣírò.